‘Mo’, ‘Ó’ àti ‘Òun’: Ohun Tí Asọ̀tàn Ń Fi Hàn Wá àti Ohun Tó Ń Fi Pamọ́

Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde. Ẹni tó ń kọ wọ́n pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Ó ní arẹwà obìnrin ni òun nígbà kan rí ní Èkó, pé àwọn ọkùnrin tó bá òun kẹ́gbẹ́ ò lóǹkà, àti pé àìsàn ti wá dá òun dùbúlẹ̀ báyìí. Lẹ́tà ń jáde tẹ̀ léra wọn títí wọ ọdún 1930. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé èèyàn gidi ni. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n sì ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń jókòó kọ ọ́. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé ní 1930, ó ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ àárín orúkọ ìwé náà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́.

‘Èmi’ yẹn ló ṣe iṣẹ́ náà. Ká ní Thomas kọ ọ́ pé obìnrin kan wà ní Èkó tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, a ó gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní “èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí”, etí ọmọ Yorùbá á nà. A ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tọ́rọ̀ kàn là ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ wa ní orúkọ tó dára fún irú ìsọ̀tàn yìí: ojú-mi-ló-ṣe. Èyí tó dojú kọ ọ́ ni wọ́n ń pè ní àrínúróde, ìyẹn asọ̀tàn tí kò sí nínú ìtàn ṣùgbọ́n tó rí inú gbogbo èèyàn, tó sì mọ ohun tí kálukú ń rò.

Àárín àwọn méjèèjì ni ọ̀kan tún wà tí a kì í sábà ya sọ́tọ̀, òun gan-an ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ìwé ìtàn òde òní. Asọ̀tàn náà ò pe ara rẹ̀ ní ‘mo’. Ó ń sọ pé “Dúpẹ́ ṣe báyìí, ó ṣe bẹ́ẹ̀”. Àmọ́ ẹ̀yìn Dúpẹ́ nìkan ló dúró sí. Ohun tí Dúpẹ́ bá rí ló ń rí, inú Dúpẹ́ nìkan ló rí, ohun tó bá pa mọ́ fún Dúpẹ́ pa mọ́ fún òun náà. Mo máa ń pè é ní àrínúróde ẹnì kan. Ẹni tó bá wò ó fìrí lè rò pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ‘mo’, pé kéèyàn kàn pa ‘mo’ rẹ́, kó fi ‘ó’ rọ́pò, ó tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìtàn kúkúrú kan tí mo kọ ló là mí lóye.

Ìtàn náà kò le. Dúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn wá bá a wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ gbóná, Gàníyù ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́, ìyá náà sì jáde. Dúpẹ́ mú owó lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá, ó fi ra oògùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí Dúpẹ́ kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́:

“Mi ò jí owó ìyá ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ara ọmọ ń jó bí iná, Gàníyù ò sí nílé, ìyá sì ti lọ kí èèyàn wọn kan. Mo gbé ìrọ̀rí wọn, mo mú 2,000 náírà nínú 5,000, mo fi ra oògùn ibà. Ọkàn mi ni pé kí wọ́n tó mọ̀, màá ti dá a padà. Nígbà tí wọ́n dé tí wọ́n bi mí, ẹ̀rù ló bà mí, ni mo bá ní mi ò mọ̀. Ta ni nínú yín tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?”

Kí la mọ̀ nípa Dúpẹ́ báyìí? A mọ ohun tó fẹ́ ká mọ̀, a sì mọ ohun kan tí kò fẹ́ ká mọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó pè é lólè tó ti ń sọ pé òun ò jalè. Ẹni tí kò sẹ́ni tó lù ú tó ń sunkún, a ó wo ara rẹ̀ bóyá ó lápá. Ẹ tún wò ó pé àwa ló ń bá sọ̀rọ̀: “ẹ jẹ́”, “nínú yín”. Ó ti sọ wá di ìgbìmọ̀ àgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ó sì ń pe ìyá ní ‘wọn’ látòkè délẹ̀, nítorí ọmọlúàbí kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní ‘ó’ lójú ìgbìmọ̀. Ohun tí ‘mo’ máa ń fún wa nìyẹn: ohùn èèyàn, ọgbọ́n rẹ̀, ọ̀nà tó fi ń to ẹjọ́ rẹ̀. A ò rí ọkàn rẹ̀ gan-an. Ohun tí a rí ni bó ṣe fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rí lójú wa.

Ẹ wá jẹ́ ká dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ká má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé a wà níbẹ̀:

“Ìrọ̀rí náà wúwo ju bí Dúpẹ́ ṣe rò lọ. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tú igun aṣọ tí wọ́n di owó sí. 5,000 péré. Pẹ̀lú gbogbo ariwo tó ń pa kiri pé ọmọ òun ń tọ́jú òun. Ó mú 2,000. Oògùn náà ò lè ju 800 lọ, àmọ́ ta ló mọ ohun tí ọ̀la máa bí? Ọmọ tún figbe ta. Ó di igun aṣọ náà padà. Rárá, kò le tó báyìí tẹ́lẹ̀. Ó tú u, ó tún un dì.

“Ìrọ̀lẹ́ ni bàtà ìyá dún lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé ìrọ̀rí lé ẹsẹ̀. Dúpẹ́ ń wo ojú ọmọ. Wọ́n ní, ‘Dúpẹ́, ta ló wọ yàrá yìí?’ Ó ní òun ò rí ẹnì kankan, àbí òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ yàrá ni? Ìyá ò fèsì. Wọ́n ń ka owó náà, wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ìṣirò.”

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n Dúpẹ́ kejì yìí kì í ṣe Dúpẹ́ àkọ́kọ́. A ti mọ̀ báyìí pé 800 náírà tó oògùn. 1,200 tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ti ọmọ. Dúpẹ́ àkọ́kọ́ ò purọ́ fún wa nípa rẹ̀ o. Ó kàn fò ó ni. Ẹni tó ń to ẹjọ́ ara rẹ̀ ò ní fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀rí tó máa dá a lẹ́bi síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá nìkan wà nínú yàrá, tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun, á ṣírò owó náà lọ́kàn rẹ̀. A sì rí bó ṣe ń tún igun aṣọ dì kó lè rí bó ṣe wà. Ẹ̀rù kì í ṣe irú ìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù bà á sáré jáde, ẹni tó ń pète ló ń tún ìdì dì.

Ẹ wá padà wo ibi tí a ti sọ pé “ariwo tó ń pa kiri”. Ta ni ‘ó’ yẹn? Ìyá ọkọ ni. Nínú ọkàn Dúpẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ‘wọ́n’ ti di ‘ó’. Bí bàtà ìyá ṣe dún lẹ́nu ọ̀nà, ‘wọ́n’ padà dé. Kò síbi tí asọ̀tàn ti sọ pé Dúpẹ́ ò bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ló tú u fó. Mi ò rò pé gbogbo èdè ló ní irin iṣẹ́ yìí. Àwọn tí kò ní ‘wọ́n’ ọ̀wọ̀ á ní láti wá ọ̀nà mìíràn, bóyá kí wọ́n jẹ́ kí Dúpẹ́ bú ìyá nínú lọ́hùn-ún. Àwa ò nílò èébú. Mo rí àwọn òǹkọ̀wé kan tí wọ́n ń fi ‘wọ́n’ pe gbogbo àgbà nínú ìtàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń kí wọn. Wọ́n ń fi nǹkan ṣòfò. Tí ẹ̀yìn ẹnì kan la bá dúró sí, ìbọ̀wọ̀ ẹni yẹn ló yẹ kó wà nínú gbólóhùn, títí kan ọjọ́ tí ìbọ̀wọ̀ náà bá já.

Irin iṣẹ́ kejì tún wà, èyí tí mo fẹ́ràn jù. ‘Òun’ ni. Bí mo bá ní “Dúpẹ́ ní ó mú owó náà”, ẹlòmíràn ló mú un. Bí mo bá ní “Dúpẹ́ ní òun mú owó náà”, Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ò ní ṣì í. “Dúpẹ́ sọ fún Gàníyù pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀”: ìyá Gàníyù ni, tàbí ti ẹlòmíràn. “Dúpẹ́ sọ fún Gàníyù pé ìyá òun ń bọ̀”: ìyá Dúpẹ́ nìkan ló lè jẹ́. ‘Òun’ máa ń tọ́ka sí ẹni tí ọ̀rọ̀ tàbí èrò náà ti ẹnu tàbí ọkàn rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ibi tí ‘òun’ bá wà nínú ìtàn, a mọ orí ẹni tí a wà nínú rẹ̀.

‘Ní’ kan ṣoṣo sì lè gbé e rìn jìnnà. Ẹ wo ìgbà tí Gàníyù dé lálẹ́ tó bi ìyàwó rẹ̀ lọ́rọ̀ owó: “Dúpẹ́ ní kí ni òun ì bá ṣe? Ṣé kí òun máa wo ọmọ òun títí yóò fi kú ni? Ìgbà tí òun pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ó gbé e?” ‘Ní’ ò jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ gbogbo ìbéèrè náà ti Dúpẹ́ ni, nítorí ‘òun’ ń di okùn náà mú. Ìjà nínú ilé wa gan-an ni a fi ń ròyìn báyìí. Asọ̀tàn ò lọ́wọ́ sí i. Kò ní Dúpẹ́ jàre, kò ní ó jẹ̀bi.

Ó wá lè mú òun náà kúrò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá ń dùn. Ẹ fi gbólóhùn méjì yìí wé ara wọn. Àkọ́kọ́: “Dúpẹ́ rò pé òun máa dá owó náà padà.” Èkejì: “Yóò dá owó náà padà. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, yóò ti dá a padà.” Nínú àkọ́kọ́, asọ̀tàn dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sẹ́yìn, ó ń sọ fún wa pé èrò Dúpẹ́ rèé, òun ò ṣe onídùúró rẹ̀. Nínú èkejì, kò sí ẹni tó rò, kò sí ẹni tó sọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn wà nílẹ̀ bí òtítọ́. Ta ló ń ṣèlérí? Dúpẹ́ ni, àmọ́ ẹnu asọ̀tàn ló bá jáde. Òǹkàwé tí kò bá fura á gbà á gbọ́, nítorí a máa ń gba asọ̀tàn gbọ́ ju àwọn èèyàn inú ìtàn lọ. Tí ọjọ́ Ẹtì bá wá dé tí owó ò padà, òǹkàwé náà á rí i pé Dúpẹ́ nìkan kọ́ ló tan ara rẹ̀ jẹ, òun náà bá a jẹ ẹ́. ‘Mo’ kò lè ṣe irú èyí fún wa. Bí Dúpẹ́ bá ní “màá dá a padà”, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnu ẹni tọ́rọ̀ kàn la ti gbọ́ ọ, a ó sì ti dín in kù.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ojú kéré wo ‘mo’, torí ó ní agbára kan tí èyí tó dúró sẹ́yìn ò ní. ‘Mo’ máa ń jẹ́ èèyàn méjì. Ẹni tó ṣe nǹkan náà nígbà yẹn wà níbẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ́ lónìí sì wà níbẹ̀. Sẹ̀gilọlá tó ń gbádùn ayé rẹ̀ kọ́ ni Sẹ̀gilọlá tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó ń kọ lẹ́tà. Èyí tó dùbúlẹ̀ ń kábàámọ̀, ó ń ki àwọn ọ̀dọ́ nílọ̀ pé kí wọ́n má rìn bí òun ṣe rìn. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi ayé ìgbà náà, orin ìgbà náà á bọ́ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ń sunkún, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Thomas ò sọ fún wa pé ìrònúpìwàdà obìnrin náà ò dénú tán, kò tilẹ̀ lè sọ ọ́, nítorí kò sí nínú ìtàn. Àwa la fi etí ara wa gbọ́ ọ láàárín ohun tó ní òun ń sọ àti bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá ka Sẹ̀gilọlá tí kò gbọ́ ohùn méjì yẹn, ìwàásù ló kà, kò tíì ka ìtàn náà.

Jíjẹ́ méjì yẹn ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹni tó ń sọ̀tàn ti la ìtàn náà kọjá. Fágúnwà mọ èyí dáadáa. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, bàbá kan wá bá akọ̀wé kan, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó kọ ohun tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Àkàrà-ògùn ni. Bó ṣe jókòó báyìí tó ń sọ̀rọ̀, a ti mọ̀ pé kò sí ẹbọra inú igbó náà tó pa á. Kò sí ẹni tó ń kà á tó ń bẹ̀rù bóyá ọdẹ náà á padà wálé, ó ti wálé. Ohun tí a ń retí ni ohun tó rí àti bó ṣe bọ́ níbẹ̀. Tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ kí ọkàn wa máa mì lórí bóyá ẹni náà á yè é, ‘mo’ ti jẹ́ kí ó pàdánù ìyẹn látojú ìwé àkọ́kọ́.

Ó Le Kú, ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1974, lọ sí ọ̀nà kejì. Ẹ̀yìn Àjàní la sábà máa ń wà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn tó ń wá ìyàwó, tí ọkàn rẹ̀ ń fì sọ́dọ̀ Àṣàkẹ́, sọ́dọ̀ Lọlá, sọ́dọ̀ Ṣadé. Ká ní Àjàní ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àwáwí ni ì bá kún ibẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó ti wà láàárín obìnrin mẹ́ta mọ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà kó lè dà bí ẹni pé ayé ló fi òun há. Nítorí pé a wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í ṣe òun ló ń ro ẹjọ́, a rí ìfìdíkalẹ̀ àti ìyípadà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń bẹ̀ wá ká yọ́nú sí i. Àwọn obìnrin náà sì wà ní òdìkejì ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ àti ohun tí wọ́n bá ṣe la fi ń mọ̀ wọ́n, bí a ṣe ń mọ ẹni tí à ń fẹ́ ní ayé gidi.

Mo ní ìtàn Dúpẹ́ là mí lóye. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ‘ó’, mo sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú kan. Ó dá a padà. Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn mẹ́ta, ó sì kọ ohun kan náà sí etí ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Ta ló rí èyí?” Inú bí mi díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni: “Ojú Dúpẹ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.” Èkejì: “Dúpẹ́ ò mọ̀ pé Gàníyù ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Ẹ̀kẹta, tí mo rò pé òun ló dára jù nínú ìtàn náà: “Ìyá ti mọ̀ pé Dúpẹ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ tú ilé ọmọ wọn ká.”

Ọ̀nà tí mo wá fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò láti ọjọ́ yẹn rọrùn. Mo máa ń yí ‘ó’ sí ‘mo’ nínú gbólóhùn, màá kà á sókè. “Ojú mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.” Kò sí dígí nínú yàrá, báwo ló ṣe mọ̀? Ó lè mọ̀ pé ojú ń ta òun, kò lè mọ̀ pé ó pọ́n. “Mi ò mọ̀ pé Gàníyù ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Tó bá jẹ́ pé ó ń sọ ọ́ lónìí, kò burú, Gàníyù á ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n nínú yàrá náà, ní ìṣẹ́jú náà, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ ni. Ìdánwò náà ò pé, ẹ ríi bí ‘mo’ tó ti dàgbà ṣe lè yọ́ gbólóhùn kejì yìí kọjá, nítorí náà mo máa ń fi “ní ìṣẹ́jú yìí” kún un lọ́kàn mi. Gbólóhùn tó bá di ẹ̀rín lẹ́yìn náà, asọ̀tàn ti kúrò lẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀ lé.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù láti pa rẹ́. Mo fẹ́ kí òǹkàwé mọ bí ìyá náà ṣe tóbi lọ́kàn tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ọ́, tó wá ku bí ìyá ṣe ń ka owó tó tún ń kà á, mo rí i pé gbólóhùn yẹn ló ti ń ba yàrá náà jẹ́. Bí ó ti wà níbẹ̀, òǹkàwé ti bọ́ sínú ikùn ìyá, ó ti mọ̀ pé kò séwu, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Bí kò ti sí níbẹ̀ mọ́, òǹkàwé náà jókòó ti Dúpẹ́, ó ń wo ọwọ́ ìyá, kò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ tàbí kò mọ̀. Dúpẹ́ ní ìyá ò mọ ìṣirò. Òǹkàwé tó bá ní ìyá ọkọ á fura pé ìyá mọ̀ ọ́n dáadáa.

Olóòtú náà tún kọ ìmọ̀ràn kan sí ìsàlẹ̀: pé bí ‘ó’ bá le jù fún mi, kí n kúkú kọ ọ́ ní ‘mo’. Mo gbìyànjú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi yí i látòkè délẹ̀, èyí tí ẹ kọ́kọ́ kà lókè yẹn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohùn Dúpẹ́ dùn létí mi, ó ń dá mi lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo parí, mo wá 1,200 náírà náà títí, mi ò rí i. Mo gbìyànjú láti ki í bọ ibì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá fi í sí, ohùn náà á já, ó máa ń dà bíi pé èmi ni mo fipá là á lẹ́nu. Dúpẹ́ ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ya ìwé náà, mo dá ìtàn náà padà sí ‘ó’.